Ẹ yọ gbèsè ẹlòmíràn kúrò nínú ìṣirò yín kí ẹ tó fowó ẹgbẹ́ ra oko ọ̀pẹ

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan ké sí mi pé kí n wá bá wọn wo ìwé kan. Wọ́n fẹ́ ra oko ọ̀pẹ kan ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfúnpo tó wà nínú rẹ̀. Oko náà ti ń so, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní in ń bèèrè bílíọ̀nù 10 náírà. Ẹgbẹ́ àtàwọn tó fẹ́ bá wọn dáwó pọ̀ máa mú bílíọ̀nù 4 sílẹ̀, báńkì á sì yá wọn ní bílíọ̀nù 6 tó kù.

Agbaninímọ̀ràn tí wọ́n gbà ti ṣe ìṣirò ọ̀hún parí. Ìwé rẹ̀ nípọn, àwòrán inú rẹ̀ dára, ó sì sọ pé oko náà tó bílíọ̀nù 10.8 náírà. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá rà á ní bílíọ̀nù 10, wọ́n ti jèrè 800 mílíọ̀nù lọ́jọ́ tí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé. Inú ẹgbẹ́ ń dùn. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ló wà nínú bílíọ̀nù mẹ́rin yẹn.

Mo ka ìwé náà títí mo fi dé ojú ewé tí wọ́n ti ṣírò ewu. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe kan tí mo ti rí nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, láti Èkó títí dé Kútọ̀nù. Èrò mi ni pé ẹgbẹ́ tàbí àjọ tó ń fi owó ọlọ́wọ̀ọ́lọ́wọ̀ dókòwò kò gbọdọ̀ gba ìwé tó bá ní àṣìṣe yìí wọlé. Mo yí àwọn iye inú ìwé náà padà díẹ̀ kí n lè fi ṣàlàyé níbí láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Kí ni bẹ́tà ń wọ̀n?

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ iye tí oko tó ń mówó wọlé lọ́dọọdún tó lónìí, ó gbọ́dọ̀ mọ èrè tó yẹ kí olówó máa retí lórí irú ewu bẹ́ẹ̀. Ewu tó bá pọ̀ ń bèèrè èrè tó pọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣúná sábà fi ń wọn ewu yìí ni wọ́n ń pè ní bẹ́tà.

Bẹ́tà kò ṣòro. Ẹ wo ọjà ìpín ìdókòwò lápapọ̀. Bí ọjà náà bá lọ sókè tàbí sílẹ̀ pẹ̀lú 10%, tí ìpín iléeṣẹ́ kan náà sì sábà máa ń lọ sókè sódò pẹ̀lú 10%, bẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 1. Bí ìpín mìíràn bá ń lọ pẹ̀lú 8% péré, bẹ́tà tirẹ̀ jẹ́ 0.8. Èyí tó bá ń fò ju ọjà lọ, bẹ́tà rẹ̀ ju 1 lọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oko tí ẹgbẹ́ yìí fẹ́ rà kò sí lórí ọjà ìpín kankan, nítorí náà kò ní bẹ́tà tirẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á lọ wo àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú òwò kan náà tí ìpín wọn wà lórí ọjà. Ní ti epo pupa, a ní wọn ní agbègbè wa. Okomu àti Presco wà lórí ọjà ìpín Èkó. Palmci wà lórí BRVM ní Abidjan, ìyẹn ọjà tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, tó fi mọ́ Benin àti Togo, jọ ń ná. Benso wà lórí ọjà Accra.

Agbaninímọ̀ràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú iléeṣẹ́ mẹ́ta. Mi ò ní sọ èyí tó mú, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn iye tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe ti èyíkéyìí nínú àwọn tí mo dárúkọ. Ẹ jẹ́ ká sáà pè wọ́n ní iléeṣẹ́ Èkó, ti Abidjan àti ti Accra. Bẹ́tà ti Èkó jẹ́ 0.95, ti Abidjan jẹ́ 0.90, ti Accra sì jẹ́ 0.80. Ó ro wọ́n pọ̀, ó pín in sí mẹ́ta, ó rí 0.88, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi bẹ́tà oko ẹgbẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Epo àti kẹ́ẹ̀gì

Bí ẹ bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo sórí ìwọ̀n, kì í ṣe epo nìkan lẹ wọ̀n. Ẹ wọn epo pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí epo ṣe wúwo tó gbọ́dọ̀ yọ ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì kúrò. Bó bá sì fẹ́ gbé epo náà lọ sínú àgbá irin, ìwọ̀n àgbá ni yóò fi kún un, kì í ṣe ti kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́.

Bẹ́tà tí a ń rí lórí ọjà jọ ìyẹn. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ewu òwò fúnra rẹ̀: owó epo lọ́jà, òjò, owó náírà, àwọn òṣìṣẹ́. Èkejì ni ewu tí gbèsè iléeṣẹ́ yẹn fi kún un fún àwọn tó ni ìpín. Iléeṣẹ́ méjì lè máa ta epo kan náà, kí ewu òwò wọn sì dọ́gba, síbẹ̀ bẹ́tà wọn á yàtọ̀ nítorí pé ọ̀kan jẹ gbèsè ju èkejì lọ.

Kí ló dé tí gbèsè fi ń fi ewu kún ewu? Ìyá kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ rí i, kí n tó ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ó ní: “Ọmọ mi, bí báńkì bá máa kọ́kọ́ gba tiẹ̀, ṣé kì í ṣe ìyókù ni wọ́n máa fún wa?” Mo ní: “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyókù nìkan ni.”

Ẹ wò ó báyìí. Bí oko bílíọ̀nù 10 bá dínkù sí bílíọ̀nù 9, ó ti pàdánù 10%. Bó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ́ náà pàdánù 10%. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá ní bílíọ̀nù 6 nínú rẹ̀, bílíọ̀nù 6 yẹn kò dín. Bílíọ̀nù 4 tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ló di 3, ìyẹn sì jẹ́ àdánù 25%. Oko kan náà ni, òjò kan náà ló rọ̀ sí i, àmọ́ ewu tó kan ẹgbẹ́ ti di ìlọ́po méjì àtààbọ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta tí agbaninímọ̀ràn mú kò jẹ gbèsè tó bẹ́ẹ̀. Fún náírà kan tí àwọn oníìpín ní nínú iléeṣẹ́ Èkó, gbèsè rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ 25. Ní Abidjan, ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ti Accra kò jẹ gbèsè rárá. Ní ti oko ẹgbẹ́, fún náírà kan tiwọn, náírà kan àtààbọ̀ ni gbèsè. Agbaninímọ̀ràn mú ewu àwọn tí kò jẹ gbèsè púpọ̀, ó sì gbé e wọ ẹni tó fẹ́ jẹ gbèsè gidi. Ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì ló lò fún àgbá irin.

Bí a ṣe ń yọ ọ́, àti bí a ṣe ń dá a padà

Ọ̀nà tí a fi ń tún un ṣe ti pẹ́. Franco Modigliani àti Merton Miller ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1958, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ owó orí kún un ní 1963. Robert Hamada, onímọ̀ ìṣúná ní yunifásítì Chicago, so ó mọ́ bẹ́tà nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1972. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
βU = βL / (1 + (1 − t) × D/E)
```

βL ni bẹ́tà tí a rí lórí ọjà, tí gbèsè wà nínú rẹ̀. βU ni bẹ́tà òwò nìkan, lẹ́yìn tí a ti yọ gbèsè kúrò. D ni gbèsè, E ni iye owó tí ìpín iléeṣẹ́ náà ń tà lọ́jà lápapọ̀, t sì ni ìdá owó orí. Owó orí wọ inú rẹ̀ nítorí pé ìjọba ń yọ èlé kúrò nínú èrè kó tó gba owó orí. Ìyẹn ni pé ìjọba ń bá onígbèsè gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ Èkó. Owó orí iléeṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà jẹ́ 30%, nítorí náà ohun tó kù jẹ́ 0.7. A fi 0.7 sọ 0.25 di púpọ̀, ó jẹ́ 0.175. A fi 1 kún un, ó di 1.175. A wá pín 0.95 sí 1.175, ó fún wa ní 0.81. Òwò epo gan-an nìyẹn, láìsí gbèsè.

Owó orí ilẹ̀ Ivory Coast ni a ó lò fún ti Abidjan, ìyẹn 25%, kì í ṣe ti Nàìjíríà. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 0.84. Ti Accra kò jẹ gbèsè, nítorí náà 0.80 rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kí a tó yọ gbèsè, ti Èkó àti ti Accra jìnnà síra. Lẹ́yìn tí a yọ ọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ra. Àmì rere nìyẹn. Ó fi hàn pé òwò kan náà ni wọ́n ń ṣe lóòótọ́, àti pé gbèsè ló fa púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ wọn. Bí wọ́n bá tún jìnnà síra sí i lẹ́yìn tí ẹ yọ gbèsè, ẹ padà lọ wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn ń ṣe òwò mìíràn mọ́ epo.

Ìpíndọ́gba àwọn mẹ́ta jẹ́ 0.82. Ní báyìí, a ó fi gbèsè oko ẹgbẹ́ kún un:

```
βL = βU × (1 + (1 − t) × D/E)
   = 0.82 × (1 + 0.7 × 1.5)
   = 1.68
```

Bẹ́tà tó yẹ kí ẹgbẹ́ lò fún owó tiwọn jẹ́ 1.68. Èyí tó wà nínú ìwé jẹ́ 0.88.

Ohun tí ìyàtọ̀ náà ṣe sí owó

Ẹ jẹ́ ká gbà pé bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ ń san 16%, àti pé ẹni tó bá fi owó sínú ìpín ń retí 8% lé e lórí nítorí ewu. Ìwé náà sọ pé èrè tó yẹ kí ẹgbẹ́ máa retí lórí owó wọn jẹ́ 16 pẹ̀lú 0.88 lọ́nà 8, ìyẹn 23%. Pẹ̀lú bẹ́tà tó tọ́, ó jẹ́ 29.4%.

Èlé báńkì jẹ́ 20%. Lẹ́yìn tí ìjọba bá ti gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ nípasẹ̀ owó orí, ó ku 14%. Báńkì ló ni ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, ẹgbẹ́ ló ni ìdá 40. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, òṣùwọ̀n tí ìwé náà rí jẹ́ 17.6%. Èyí tó yẹ kó rí jẹ́ 20.2%.

Oko náà ń mú bílíọ̀nù 1.9 wọlé lọ́dún lẹ́yìn owó orí, kí a tó san èlé. Kí ìṣirò lè rọrùn, a gbà pé yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pín 1.9 sí 17.6%, ẹ ó rí bílíọ̀nù 10.8. Ẹ pín in sí 20.2%, ẹ ó rí bílíọ̀nù 9.4. Èrè 800 mílíọ̀nù ti di àdánù 600 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan oko, kò fọwọ́ kan owó epo, kò sì fọwọ́ kan èlé báńkì.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín, ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe é. Ẹ sọ fún agbaninímọ̀ràn yín pé kó gbà pé báńkì yóò yá yín ní ìdá 80 dípò ìdá 60, kó sì tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe lójú yín. Bí èrè tí ẹgbẹ́ ń retí kò bá yẹ̀ kúrò ní 23%, òṣùwọ̀n náà á já wálẹ̀ sí 15.8%, oko á sì dà bíi pé ó tún ti níye lórí sí i. Bí gbèsè bá ṣe ń pọ̀ sí i tí èrè tí ẹgbẹ́ ń retí nínú ìwé kò sì yí padà, ẹ mọ̀ pé wọn kò dá gbèsè padà sínú bẹ́tà. Kò sí oko kan láyé tó ń so sí i kìkì nítorí pé olówó rẹ̀ jẹ gbèsè sí i.

Ibi tí ìlànà yìí fúnra rẹ̀ mẹ́sẹ̀

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìdáhùn Hamada kò ní àbùkù. Ó ní, ó sì yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀ ọ́n.

Àkọ́kọ́ ni pé ó gbà pé gbèsè kò ní ewu kankan nínú, pé gbogbo ewu ló wà lórí oníìpín. Ìyẹn súnmọ́ òótọ́ fún iléeṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ kéré. Kì í ṣe òótọ́ fún oko tó yá ìdá 60. Báńkì mọ̀ pé òun lè pàdánù, ìdí nìyẹn tó fi ń gba 20% nígbà tí ìjọba ń san 16%. Bí a bá gbà pé ààbọ̀ nínú àlékún 4% yẹn jẹ́ fún ewu ọjà, bẹ́tà gbèsè jẹ́ 0.25. Bí báńkì bá gbé díẹ̀ nínú ewu, ti ẹgbẹ́ á dínkù. Bẹ́tà wọn á bọ́ sí 1.42, òṣùwọ̀n á jẹ́ 19.3%, oko á sì tó bílíọ̀nù 9.8. Ó sàn ju 9.4 lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tó bílíọ̀nù 10 tí wọ́n ń bèèrè.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù fún irú òwò báyìí. Gbogbo ìṣirò tí mo ti ṣe gbà pé gbèsè yóò wà níbẹ̀ títí ayé. Àmọ́ ọdún méje ni báńkì fún ẹgbẹ́ láti san án tán. Bí gbèsè bá ṣe ń dín lọ́dọọdún, ẹ̀dínwó owó orí náà ń dín. Kò bójú mu láti fi òṣùwọ̀n ọdún àkọ́kọ́ wọn ọdún kẹjọ tí kò sí gbèsè mọ́.

Ọ̀nà tó mọ́ jù níbí ni èyí tí Stewart Myers kọ nípa rẹ̀ ní 1974. Ẹ wọn oko bíi pé kò sí gbèsè rárá, kí ẹ wá ṣírò àǹfààní owó orí lọ́tọ̀. Bẹ́tà 0.82 tí a ti yọ gbèsè kúrò nínú rẹ̀ wúlò gan-an níbí. Ó fún wa ní 22.56%, bílíọ̀nù 1.9 lọ́dún sì wá jẹ́ bílíọ̀nù 8.42. Ní ti owó orí, èlé ọdún àkọ́kọ́ lórí bílíọ̀nù 6 jẹ́ bílíọ̀nù 1.2, nítorí náà ẹgbẹ́ yóò yọ 360 mílíọ̀nù nínú owó orí. Bí wọ́n bá ń san olú owó ní ọgbọọgba, èyí á máa dín títí yóò fi tó bíi 51 mílíọ̀nù ní ọdún keje. Bí a bá yọ gbogbo rẹ̀ sí owó òní pẹ̀lú 20%, ó jẹ́ nǹkan bíi 870 mílíọ̀nù. Àpapọ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 9.3.

Ìyẹn ni iye tí mo fún ẹgbẹ́. Bí ìjọba bá tún dá owó orí oko náà sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, iye tí gbèsè ń fi pamọ́ láàrin ọdún wọ̀nyẹn á di òdo, nítorí pé ẹni tí kò san owó orí kò lè rí ẹ̀dínwó gbà lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe lo iye inú ìwé ìṣirò

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí pé ó ti di ìṣòro ńlá láti ìgbà tí ìjọba ti dá náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà, ọdún 2023. E inú ìlànà yìí ni iye tí ìpín ń tà lọ́jà. Kì í ṣe iye owó oníìpín tó wà nínú ìwé ìṣirò ìparí ọdún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ti inú ìwé nítorí pé ó rọrùn láti rí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí náírà ṣubú, gbèsè owó ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn iléeṣẹ́ jẹ wú. Ní ìparí 2023, owó oníìpín nínú ìwé ìṣirò MTN Nigeria ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo pẹ̀lú ohun tó lé ní 40 bílíọ̀nù náírà. Ti Nestlé Nigeria náà bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Síbẹ̀ ní àkókò yẹn, àwọn tó ń ra ìpín MTN Nigeria lọ́jà gbà pé iléeṣẹ́ náà tó ohun tó ju tírílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ.

Ẹni tó bá fi iye inú ìwé sínú ìlànà Hamada lọ́dún yẹn yóò máa pín gbèsè sí iye tó wà nísàlẹ̀ òdo. Ìdáhùn rẹ̀ kò ní nítumọ̀ kankan. Nígbà míì á sọ pé òwò láìsí gbèsè léwu ju òwò pẹ̀lú gbèsè lọ. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ìwé kan, ìyẹn ni pé wọ́n lo E tí kò tọ́.

“Ṣùgbọ́n ọjà wa kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé”

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Agbaninímọ̀ràn náà sọ ọ́ fún mi. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, bẹ́tà ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ìpín kan lè wà lórí ọjà Accra fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni máà rà á. Kí wá ni ìwúlò kí a máa yọ gbèsè, kí a tún máa dá a padà?”

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpín tí wọn kì í sábà tà kì í tètè tẹ̀lé ọjà, bẹ́tà rẹ̀ á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dára láti lo iye ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tàbí ti oṣooṣù dípò ti ojoojúmọ́. Bákan náà, ọjà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi wọn iléeṣẹ́ ibẹ̀, ọjà Accra kì í sì í ṣe ọjà Èkó.

Ṣùgbọ́n iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kò kan ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí ẹ kò bá fọkàn tán bẹ́tà agbègbè wa, Aswath Damodaran, olùkọ́ ní yunifásítì New York, máa ń gbé bẹ́tà oríṣiríṣi òwò jáde lófẹ̀ẹ́ lórí ayélujára ní oṣù kíní ọdún, tó fi mọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà. Ó máa ń to bẹ́tà tó ní gbèsè àti èyí tí a ti yọ gbèsè rẹ̀ síbẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ mú èyí tí a ti yọ gbèsè rẹ̀, kí ẹ sì fi gbèsè tiyín kún un. Ìwọ̀n tí kò péye kì í ṣe àwáwí láti má yọ kẹ́ẹ̀gì kúrò.

Ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ni. Kí gbogbo ìwé tó bá fẹ́ gba owó ẹgbẹ́, owó àjẹmọ́nú tàbí owó ìfẹ̀yìntì kọ orúkọ àwọn iléeṣẹ́ tó fi ṣe àfiwé, bẹ́tà wọn, gbèsè wọn sí iye ìpín wọn lọ́jà àti owó orí wọn. Lábẹ́ rẹ̀, kó kọ bẹ́tà wọn lẹ́yìn tí a yọ gbèsè. Lábẹ́ ìyẹn, kó kọ gbèsè tí òwò tuntun náà fẹ́ jẹ, ọdún tí wọ́n máa fi san án, àti bẹ́tà tó ti ibẹ̀ jáde. Akápò ẹgbẹ́ lè kà á láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ojú ewé yẹn kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n dá ìwé náà padà.

Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì yẹn kò sá fún oko náà. Wọ́n padà lọ bá ẹni tó ni í, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn kò lè ju bílíọ̀nù 9.3 lọ. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, wọ́n ṣì ń dúnàá-dúrà. Ìyá akápò ní kí n fi ojú ewé ìṣirò náà sílẹ̀ fún òun, kí òun lè mú un dání lọ síbi ìpàdé.